Káàdì Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni, Ọkàn Fọláyẹmí Kò Balẹ̀

Ní ọdún 1996, kò sí obìnrin Nàìjíríà kan ní àdúgbò Abu Shagara, ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, tí kò mọ Fọláyẹmí. Aṣọ léèsì ni ó ń rà lọ́jà Deira ní Dubai, tí ó ń kó lọ sí Èkó. Àwọn ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Bí ó bá ti wọlé, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mọ ọjà ná ti dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe léèsì ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Káàdì ni.

Ọmọbìnrin Filipíìnì kan tí wọ́n jọ gbé yàrá rí ló fi káàdì náà sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ta ayò. Káàdì àyẹ̀wò ni, àwòrán ló kún inú rẹ̀: oòrùn, òṣùpá, ilé gogoro tí mànàmáná ń wó, ọkùnrin tí a fi ẹsẹ̀ kan so rọ̀. Àwọn yòókù pín sí agbo mẹ́rin: ife, idà, ọ̀pá àti owó wúrà.

Bí ènìyàn bá ní ìbéèrè, Fọláyẹmí á ní kí ó sọ ọ́ lọ́nà tí a fi lè dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Á po káàdì náà pọ̀, á fi ọwọ́ òsì gé e sí méjì, á sì fa ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà ṣí i, kí ó má baà fọwọ́ ara rẹ̀ yí orí àwòrán náà padà. Bí àwòrán bá nàró, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá dorí kodò, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ Filipíìnì náà ti kìlọ̀ fún un kí ó tó lọ. Ó ní káàdì kan kì í sọ ìdí, kì í sọ ìgbà, kò sì lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn. Ó ní bí a bá ti bi í léèrè, a kì í tún un bi. Fọláyẹmí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sọ èyí fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa wo ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Raliat, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń ta gèlè, ṣe wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbémiga, oníṣòwò kan láti Ìbàdàn, fẹ́ fẹ́ ẹ. Raliat béèrè pé, "Ṣé Gbémiga fẹ́ràn mi lóòótọ́?" Ife Méjì ló jáde, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n kọjú síra, tí kálukú mú ife dání. Ó nàró.

"Khalas," ni Fọláyẹmí wí. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ fẹ́ ọkọ rẹ." Raliat kó ẹrù rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Gbémiga lọ sílé ní Ìbàdàn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan Fọláyẹmí fúnra rẹ̀. Olúṣẹ̀san ni orúkọ ọkùnrin náà. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Qusais ló ti ń bá àwọn ọlọ́jà di ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, wọ́n jókòó sí etí omi ní Deira, níbi tí àwọn ọkọ̀ onígi ti ń kó fíríìjì àti táyà. Ó sọ fún un pé, "Fọláyẹmí, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi. Mo ń lọ sílé ní ìparí oṣù. Mo fẹ́ gbọ́ èsì rẹ kí n tó bá màmá mi sọ̀rọ̀."

Fọláyẹmí ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó. Ohun tí kò sọ fún un ni pé òun ti wà nílé ọkọ rí ní Abẹ́òkúta. Ó bá ọkọ náà gbé títí, kò rí ọmọ bí, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé kò ní bí. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta lójú rẹ̀. Ìtìjú náà ló gbé e dé Dubai.

Ó dé ilé, ó mú káàdì. "Ṣé kí n fẹ́ Olúṣẹ̀san?" Oòrùn ló jáde, ó nàró, ó ń tàn yọ̀. Nínú gbogbo àwòrán náà, kò sí bẹ́ẹ̀ ni tó lágbára tó o.

Inú rẹ̀ dùn títí ó fi wẹ̀ tán. Ìgbà tó ń nura ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó fẹ́ ẹ. Ṣé kí ó sọ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta fún un, àbí kí ó má sọ? Bí ó bá sì gbọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́? Oòrùn kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ó tún po káàdì náà. "Ṣé yóò dúró tì mí bí kò bá sọ́mọ?" Ọkùnrin tí a so rọ̀ ló jáde. Nínú gbogbo wọn, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn dúró. Kò lè dúró. Ó tún fà á. Ife Méjì tó jáde fún Raliat ló jáde fún òun náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó dorí kodò.

Fọláyẹmí jókòó tì í. Bí a bá fi ìdúró rẹ̀ wò ó, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í wo ìdúró, àwòrán fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò, Ife Méjì sì jẹ́ àwòrán ìfẹ́. Ó yẹ kí ènìyàn ti yan èyí tí yóò lò kí ó tó fa káàdì. Òun ti fà á tán kí ó tó máa yàn. Ó mú un ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, ó mú un ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láti ọjọ́ náà kò ní ìsinmi mọ́. Ó ń gbé káàdì kiri nínú báàgì. Ó ń fà á níbi tí wọ́n ti ń dúró de tasí, ó ń fà á lẹ́yìn ìdì aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sanwó léèsì aláwọ̀ ewé nígbà tí oníbàárà rẹ̀ ní pupa ni òun fẹ́. Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ ni bá jáde, kò gbà á gbọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bá jáde, á tún un fà.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí Raliat padà dé. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé wọlé. Gbémiga ní ìyàwó nílé, ìyàwó náà sì ti bímọ fún un.

Ojú ti Fọláyẹmí. Raliat kò bínú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, káàdì yín lè má parọ́," ni ó wí. "Bóyá ó fẹ́ràn mi lóòótọ́. Ohun tí mo bi í náà nìyẹn. N kò bi í bóyá ó níyàwó. Èyí tó burú jù ni pé n kò bi Gbémiga fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ ti ní ọ̀rọ̀ ti parí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fọláyẹmí lára bí abẹ́rẹ́.

Dúpẹ́olúwa, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Dúpẹ́olúwa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, ló máa ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní ilé arákùnrin kan. Fọláyẹmí ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Raliat jáde lọ ra omi, Dúpẹ́olúwa wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Fọláyẹmí, bi káàdì rẹ ní ohun tí o kọ́kọ́ bi í nípa Olúṣẹ̀san."

Ó bi í. Oòrùn tún jáde, ṣùgbọ́n ó dorí kodò.

"Kí ló jáde lákọ̀ọ́kọ́?"

"Oòrùn kan náà. Ó nàró."

"Olúṣẹ̀san ha yí padà ni? Ìwọ ha yí padà? Kí ló yí padà, bí kò ṣe bí ọwọ́ rẹ ṣe pò ó?"

Omijé ti ń bọ̀ lójú Fọláyẹmí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé, ó ṣí ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta payá fún ẹlòmíràn. Ó wá béèrè pé, "Bí mo bá wá sọ́dọ̀ Jésù rẹ, ṣé yóò sọ fún mi bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"N kò ní tàn ọ́," ni Dúpẹ́olúwa dáhùn. "Kò ṣèlérí ìyẹn. Jésù kì í ṣe káàdì mìíràn. Ara rẹ̀ ló fẹ́ fún ọ. Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó jí dìde, ó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọ ní Abẹ́òkúta, ó sì mọ ohun tí o ṣe fún Raliat. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó ṣì ń pè ọ́."

Ohun tó fọ́ ọkàn Fọláyẹmí nìyẹn. Ó ti ń wá ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n tán tí kò ní lé e jáde, ó sì ń wá a nínú páálí. Ó rí i pé ó ti gba ipò Ọlọ́run lójú àwọn obìnrin náà, ó sì gbádùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́wọ́ ìgbéraga rẹ̀, ó bẹ Jésù kí ó dárí ji òun, kí ó sì gba òun bí òun ṣe rí. Nígbà tó dìde, ó mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, ó gé káàdì náà wẹ́wẹ́. Raliat wọlé bá a lẹ́nu rẹ̀. Fọláyẹmí kúnlẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ tasí lọ sí Al Qusais. Láàárín àwọn àpótí tí wọ́n ti dì, ó sọ òtítọ́ fún Olúṣẹ̀san láìfi ohun kan pamọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣé ẹ lè fẹ́ mi báyìí?"

Olúṣẹ̀san ní kí ó fún òun láàyè díẹ̀. Kí oṣù tó parí, ó wá sí Abu Shagara fúnra rẹ̀. Ó ní òun nìkan ni màmá òun bí, òun sì fẹ́ ọmọ. Ó ní bí òun bá fẹ́ ẹ nísinsìnyí, ẹ̀rù ń ba òun pé òun yóò di irú ọkọ tó kó ẹrù rẹ̀ síta. Ojú rẹ̀ pọ́n bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dúpẹ́ pé kò tan òun jẹ.

Fọláyẹmí sunkún. N kò ní parọ́ fún yín pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ yìí ti ẹnu ènìyàn jáde, ó ní ìdí, òtítọ́ sì ni. Kò sáré wá ohun tí yóò tún fà. Ó jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì mọ adùn oúnjẹ. Dúpẹ́olúwa bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"Ó ń dùn mí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti jókòó."

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí ni ò ń bi léèrè lónìí? Ó lè jẹ́ káàdì, ó lè jẹ́ ìràwọ̀ inú ìwé ìròyìn, ó lè jẹ́ aríran tí ń sọ ohun tí o fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mélòó ni o ti gbà, tí ọkàn rẹ kò sì tíì balẹ̀?

Kì í ṣe èsì ni o ṣe aláìní jù. Olùgbàlà ni. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé ẹni tí o fẹ́ yóò fẹ́ ọ, tàbí pé ilẹ̀kùn tí ò ń kàn yóò ṣí. Ṣùgbọ́n mo lè sọ èyí fún ọ láìṣiyèméjì: bí o bá tọ Jésù wá pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ àti ìtìjú rẹ, kò ní kó ẹrù rẹ síta. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí gan-an, pe orúkọ rẹ̀, sọ òtítọ́ ara rẹ fún un, kí o sì yí padà.