Ìlà Kẹsàn-án

Orí àkàbà ni Olúbọ̀wálé wà, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀, nígbà tó rí ọmọge kan nísàlẹ̀ tí ẹfun ìkọ̀wé kùn níwájú orí, tó ń fi ìka ka nǹkan. Ó gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń kà?"

"Ìlà mẹ́rìnlá. Ewì tí wọ́n ń pè ní soneti ni."

Moyọ̀sọ́lá lorúkọ rẹ̀; òun ló ń kọ́ àwọn akéwì níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bọ̀wálé náà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ pé ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ kan ró, pé ní ìlà kẹsàn-án ni ọkàn gbọ́dọ̀ yí padà, pé ìparí ìlà kò bára mu àfi tí fáwẹ̀lì àti ohùn bá dọ́gba. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Bọ̀wálé fi soneti bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun. Ìlà kẹsàn-án rẹ̀ kà báyìí: "Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo wà nílé." Inú Moyọ̀ dùn, ó sì yà sí ilé Bọ̀wálé ní Máfolúkù láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Wọlé, ọmọ mi." Àga méjì péré ló wà nídìí tábìlì. Nígbà tí Bọ̀wálé dé, màmá rẹ̀ ṣì í mọ̀, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pè é.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Bọ̀wálé kò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Moyọ̀ bi í léèrè ìdí tó fi parọ́.

"Mo ti fi 'dé' parí ìlà kọkànlá. 'Nílé' ló bá a mu."

Moyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "O kọ 'ṣùgbọ́n', ọkàn rẹ ò yí síbì kankan. Kọ òótọ́ sílẹ̀ ná, bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Tí ìparí rẹ̀ ò bá bá ìlà yòókù mu, ìlà yòókù ni kó o yí."

Ó sì lọ. Ẹ̀rù ba Bọ̀wálé gidigidi, nítorí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ ti sá nítorí ìyá yìí kan náà. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó fa "dé" rẹ̀ tó fẹ́ràn yẹn rẹ́, ó sì kọ òótọ́.

Ní Sátidé, ó fún Moyọ̀ ní bébà tó kọ ọ́ sí. Ìlà kẹsàn-án kà báyìí:

"Ṣùgbọ́n ìyá mi ń bẹ, ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà."

Ìlà kọkànlá sì wí pé:

"Ẹ̀rù ń bà mí, bí o bá rí i, wàá yà kúrò lọ́nà."

Moyọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí Bọ̀wálé fipá tẹ̀ kí ìparí ìlà lè bára mu. Ìlà méjìlá péré ló sì rí.

"Méjì ṣẹ́ kù."

"N ò mọ bó ṣe máa parí," ni Bọ̀wálé wí. "N ò fẹ́ parọ́ mọ́."

Omi lé ròrò lójú Moyọ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ìlà méjì tó kù síbẹ̀:

"Ìyá rẹ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, tó pè mí ní ọmọ;
Wá àga kẹta fún wa, kí n wá pè ọ́ ní ọkọ."