Ilé Kẹjọ Tó Kó Aránṣọ Láyà Jẹ

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀rù tó wọ ilé aránṣọ yìí lè ti máa bá ìwọ náà gbé.

Aránṣọ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ dán, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìràwọ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí, ló ń kó àwòrán ìràwọ̀ ìbí sí. Bí ìyàwó ojú ọ̀nà bá wá wọn aṣọ, yóò bi í ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ wákàtí, yóò dá a padà. Ó ní láìsí wákàtí, kò sí ilé.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Òbìrí kan ni àwòrán náà, tó pín sí ilé méjìlá, tí wọ́n ń kà láti apá ojú ọ̀run tó ń yọ ní ìlà-oòrùn nígbà tí a bí ènìyàn. Yóò wá gbé àwọn ìràwọ̀ ọkọ lé orí ilé ìyàwó, kó lè rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ilé kejì ni owó tèmi nìkan. Ilé kẹjọ tó kọjú sí i ni owó àjọní, ogún, àṣírí, ìfẹ́ tó wọra, àti ikú. Bí òṣùpá ọkọ bá bọ́ síbẹ̀, ìyàwó á máa gbọ́ ohun tí kò sọ. Bó bá jẹ́ àgùàlà, ìfẹ́ wọn á jinlẹ̀, owó sì lè gba ọwọ́ ọkọ wá. Ìràwọ̀ Máàsì ń mú ìfẹ́ gbígbóná wá, àti ìjà lórí owó. Ìràwọ̀ Sátọ́ọ̀nù ń mú kí ẹ̀rù bani láti fi owó àti ọkàn síkàáwọ́ ẹnìkejì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sì tún sọ pé ó lè jẹ́ àmì rere: ìdè ìfẹ́ tó pẹ́, àti ọkọ tó mọ owó ṣọ́.

Káfíńtà òrùlé ni ọkọ aránṣọ yìí. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jọ ń kówó pamọ́ sí báńkì láti ra yàrá tó ti ń ránṣọ. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n sanwó, ó gbé ìràwọ̀ ọkọ rẹ̀ lé tirẹ̀. Máàsì àti Sátọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì, wà ní ilé kẹjọ.

Ìdajì tó burú nìkan ló rí kà. Ó lọ kó gbogbo owó náà sí orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè, ó ní báńkì ló ń fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Bí ọkùnrin náà bá yíra lórí ibùsùn, àyà rẹ̀ á já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti ré bọ́ láti orí òrùlé, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kó san owó kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìwé báńkì mú lábẹ́ ìró. Ọkàn rẹ̀ ní: òfò tí o rí nínú ìràwọ̀ nìyí. Ọkàn rẹ̀ tún ní: bó bá kú, gbogbo rẹ̀ di tìrẹ. Ó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ.

Afọṣọ ilé ìwòsàn, tó ń kó apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí kọjá, ló rí i. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ ìránṣọ nígbà èwe.

“Ìyá Ìràwọ̀, ojú ẹ ti ṣá bí aṣọ tó pẹ́ nínú bílíìṣì.”

Ẹ̀rín ò wá. Aránṣọ tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Afọṣọ gbọ́ ọ tán, ó bi í pé aago mélòó gan-an ni wọ́n bí aránṣọ fúnra rẹ̀.

Aránṣọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un kò ju pé ọ̀sán ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú aago méjì. Ó sì mọ̀ dájú pé bó bá fi wákàtí kan lé, ìràwọ̀ méjèèjì lè bọ́ sí ilé keje. Bó bá fi wákàtí kan dín, wọ́n lè bọ́ sí ilé kẹsàn-án.

“Ohun tí o fi ń lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ padà, òun lo wá fi dá ọkọ ẹ lẹ́bi?”

“Màá wá wákàtí tó pé.”

“Tó bá pé ńkọ́? Ẹ̀rù yìí ò ní kúrò, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ìràwọ̀ tó lè dárí ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rò yẹn jì ẹ́. Jésù lè dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ó ti kú nítorí ẹ̀.”

Aránṣọ kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, “Olúwa, mo ti fẹ́ kí ọkọ mi kú. Gbà mí.” Lẹ́yìn náà ló lọ sanwó, ó sì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọkọ rẹ̀ la ojú. “Mo ti mọ̀ látijọ́. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra ẹ ni.”

Kò tíì mọ̀ bóyá ọkọ òun á jáde láàyè nígbà tí àlàáfíà wọ inú rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde láàyè, pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń rìn. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó lè sùn láìṣọ́ ara wọn. Aránṣọ fa àwọn àwòrán náà ya, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ti kó ẹ̀rù bá. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ ọkọ rere sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ta lo fi ọkàn rẹ síkàáwọ́ rẹ̀? Ikú kò ní bi ọ́ léèrè wákàtí tí wọ́n bí ọ. Ẹni tó dá àwọn ìràwọ̀ ń bi ọ́ léèrè ọkàn rẹ. Má ṣe kà á tán kí o sì ká ìwé yìí kúrò nílẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn la ń bá wí. Níbi tí o jókòó sí yìí, bí o ṣe wà gan-an, pè é. Kó jẹ́ òní.