Ìràwọ̀ Onígun Mẹ́fà

Ṣọ́ọ̀kì funfun ló kún imú Fọláwùmí lọ́jọ́ tí Dáúdà kọ́kọ́ rí i. Orí àga ló dúró sí níwájú pátákó kíláàsì rẹ̀ ní Ìbèṣè, ó na apá sókè, ó ń ya ìràwọ̀.

Lápá òsì pátákó, ó ti ya agbélébùú, oṣù àti àgbá kẹ̀kẹ́ tó ní ọ̀pá mẹ́jọ nínú. Lápá ọ̀tún, ó kọ orúkọ ẹ̀sìn mẹ́rin, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ da ètò wọn rú: Ẹ̀sìn Búdà, Ìsìláàmù, Ẹ̀sìn Àwọn Júù, Ẹ̀sìn Kírísítì. Àwọn ọmọ yóò da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé, wọn yóò sì fi rúlà fa ìlà kọ̀ọ̀kan láti ara àmì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Dáúdà, ọmọ Ẹ̀pẹ́, olùkọ́ tuntun fún ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ló wá kí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ta ló ni ìràwọ̀ yẹn?"

"Àwọn Júù ni, sà."

"Igun márùn-ún lẹ yà. Mẹ́fà ni tiwọn."

"Ìràwọ̀ ni ìràwọ̀ ń jẹ́," ni Fọláwùmí fèsì, ó sì kẹ̀yìn sí i. Dáúdà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Fọláwùmí gba ìwé àwọn ọmọ, ẹnu yà á. Nínú ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlógún ló fa ìràwọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìsìláàmù. Ìràwọ̀ onígun márùn-ún tí wọ́n mọ̀, ẹ̀gbẹ́ oṣù ló máa ń wà lórí mọ́sáláṣí. Ìlà méjì wọ Ìsìláàmù, àwọn Júù ò rí nǹkan kan gbà. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.

Ó mú ìwé lọ bá Dáúdà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Dáúdà fi rúlà ya onígun mẹ́ta kan tó kọjú sókè, ó ya èkejì lé e lórí, ó dorí rẹ̀ kodò. Igun mẹ́fà pé.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ nu imú yín."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Fọláwùmí kì í sì í gbàdúrà kí ó má dúpẹ́ nítorí àṣìṣe ọjọ́ náà. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà bá a dúpẹ́. Alárinà tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣọ̀wọ́n.

Bàbá Fọláwùmí ni ìṣòro. Nehemiah, apẹja ọmọ Ìlàjẹ tó tẹ̀dó sí Ẹ̀jìnrìn, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní ọmọ òun ò ní torí ọkọ gbé agbélébùú jù nù.

"Olówó orí mi," ni Fọláwùmí wí fún Dáúdà, "bí bàbá bá ní rárá, mi ò ní lè kọjá ẹnu wọn."

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson, ó di Ẹ̀jìnrìn. Nehemiah ń tún àwọ̀n ṣe. Dáúdà dọ̀bálẹ̀, bàbá dáhùn tìkọ̀tìkọ̀. Ó mú ọ̀kan nínú ìwé àwọn ọmọ tí Fọláwùmí gbé wá láti máàkì, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ní kí oṣù dúró báyìí? Oṣù tuntun tiwa, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi."

"Òótọ́ ni, bàbá," ni Dáúdà wí. "Bó ṣe wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe yà á. Ṣùgbọ́n àwa náà máa ń jáde wò ó bí oòrùn bá ti wọ̀. Bí a bá rí i, oṣù wa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ń wò ó?"

"Lóṣooṣù, sà."

"Èmi náà. Òun ni mo fi ń mọ̀ bí omi yóò ṣe kún sí." Bàbá wá nàka sí agbélébùú inú ìwé náà. "Èyí ńkọ́? Bó bá dé ilé rẹ, ṣé o ò ní pa á rẹ́?"

"Bàbá, ọmọ tó bá pa àmì rẹ́, níbo ni yóò ti fa ìlà rẹ̀? Mo ní ọ̀kadà. Èmi ni màá máa gbé Fọláwùmí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, màá sì dúró dè é títí wọn yóò fi ṣe tán."

Oòrùn wọ̀. Bàbá gbójú sókè, Dáúdà náà gbójú sókè, ibì kan náà ni wọ́n wò. Oṣù tuntun tín-ínrín ti dùbúlẹ̀ lókè omi.

Nehemiah yí ìwé náà padà, ó nà án sí Fọláwùmí. "Kọ orúkọ rẹ sí ọ̀tún, kí o kọ tirẹ̀ sí òsì."

Fọláwùmí kọ orúkọ méjèèjì. Bàbá mú igi pẹlẹbẹ tó fi ń wọn ojú àwọ̀n, ó fi ṣe rúlà, ó sì rọra fa ìlà láti ara Dáúdà dé ara Fọláwùmí.

"Tíṣà," ni ó wí, "ṣé mo gbà á?"

Omi ti kún ojú Fọláwùmí. "Ẹ gbà á, bàbá. Ẹ ṣeun." Ó yọ bíró pupa nínú báàgì, ó sì máàkì í fún un.