Wọ́n Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Ẹran

Túbọ̀sún kì í mutí, kò sì fọ́lé ẹnikẹ́ni rí. Mẹkáníìkì ni ní Ṣàpọ́n, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde!

Èdè kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn tí ará ìta kò gbọ́. Oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, "ẹran" ni. Bí wọ́n bá yọ páàdì búréèkì tó ṣì dára, tí wọ́n fi èyí tó ti jẹ tán rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti "fa ìfun ẹran" nìyẹn. Bí ẹni tó mọ mọ́tò bá yọjú, ẹnìkan á kígbe pé, "Òjò ṣú o!" Kíá, gbogbo wọn á di olóòótọ́. Ojú oníbàárà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín àti "ẹ káàbọ̀, sà."

Wọ́n ń bú ara wọn pẹ̀lú. Ìdí Àgbá ni wọ́n ń pe Túbọ̀sún, Orí Ọ̀bọ ni Jídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ará ìta bá dán an wò, sípánà á fò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò bá tíì bú, kò tíì di ọmọ ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bú Túbọ̀sún, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn bí ẹni joyè.

Jedidiah, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, nìkan ni kì í dá sí i. "Túbọ̀sún, ìyá ọlọ́mọ lẹ̀ ń pè lẹ́ran."

"Ẹran kì í lọ́mọ!" ni Túbọ̀sún máa ń fèsì, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí Túbọ̀sún lọ ra ẹ́ńjìnì n'Íbàdàn, ìyá rẹ̀, Màmá Christianah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé mọ́tò tirẹ̀ wá fún àtúnṣe. Jídé dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ó sì gba mọ́tò náà láti tún un ṣe. Àìmọye ìgbà ló ti jẹun nílé wọn.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́nà Ewékorò, tìrélà sìmẹ́ǹtì kan dúró lójijì níwájú màmá. Ó tẹ búréèkì, kò mú. Ó yà wọ kòtò, itan rẹ̀ kán.

Túbọ̀sún, tó ti dé láti Ìbàdàn, sáré ti ọsibítù wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ló wà tó fi gbọ́ ohùn Jídé, tí kò tíì mọ̀ pé jàǹbá ṣẹlẹ̀: "Mo ti fa ìfun ìyá Ìdí Àgbá o! Ẹran gidi ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí òun náà máa ń rín ni.

"Jídé! Ìyá mi? Ìyá tó ń bu oúnjẹ fún ẹ?"

Jídé kò tilẹ̀ dìde. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa. Ẹran kì í lọ́mọ."

Áà, ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn! Ó bú sẹ́kún. Àwọn tó pè ní ará ti dà á, ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n sì fi dà á. Ó rántí gbogbo ìgbà tí òun náà ti rán ìyá oníyàá lọ láìsí búréèkì.

Jedidiah nìkan ló tẹ̀lé e jáde. Kò sọ pé "mo sọ fún ọ." Ó ní, "Wọ́n fi Jésù náà ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ló sì tà á. Síbẹ̀ ó ń pè ọ́." Ẹ̀gbẹ́ táyà àlòkù ni Túbọ̀sún kúnlẹ̀ sí, ó bẹ Jésù pé kó dárí ji òun. Lẹ́yìn náà ló lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Màmá sunkún, ó ní, "Orúkọ wo ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?" Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Màmá ní, "Túbọ̀sún ni mo bí."

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá inú bárékè lo wà, tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n, tàbí ìdí iṣẹ́ rẹ. Ta lẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà láàárín ara yín? Ẹgbẹ́ tó ń bá ọ pe ẹlòmíràn lẹ́ran yóò pe ìwọ náà bẹ́ẹ̀ tó bá yá. Jésù mọ orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́, òun náà ló sì fi ń pè ọ́. Dá a lóhùn lónìí, kí o tó padà sáàárín wọn.