Lẹ́tà Wáìnì Pupa Mẹ́ta

Tòlótòló ló lé Ìsmáílà wọ inú ayé Tèmi. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó wọ jálàbíà funfun gbé ike wàrà lérí, ó ń sáré yí ọgbà Bàbá Adéoyè ká ní Òmù-Àrán. Tòlótòló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi wàrà sì ń ṣàn sí i lọ́rùn. Síbẹ̀, kò ju ike náà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ẹyẹ yín," ló wí bó ṣe ń sáré kọjá níwájú Tèmi.

"Kì í jẹ́ ìpè. Ẹ ṣáà dúró, kẹ́ ẹ wò ó lójú."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé, ẹ bá mi wò ó."

Ìgbálẹ̀ ni Tèmi fi lé tòlótòló lọ. Nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ó fún àlejò náà ní aṣọ ìnura, ó bi í léèrè orúkọ. Ó ní Ìsmáílà lòun, ará Òwu-Ìsin. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin, Àlájà Hàjàrá, ló tọ́ òun dàgbà, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń ṣe wàrà tí bàbá Tèmi ní kí wọ́n gbé wá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka wàrà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ sì bùṣe fún Tèmi.

Ẹ má bi mí pé kí ló rí lára ọkùnrin tí omi wàrà rẹ lọ́rùn. Ẹni tí ìfẹ́ bá ti mú, ẹ jẹ́ ká bá a gba kámú.

Gbogbo Sátidé ni Ìsmáílà wá ń gbé wàrà wá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á di ti wákàtí kan. Wọn á sọ̀rọ̀ ewé bọmùbọmù tí wọ́n fi ń mú wàrà dì, wọn á sọ̀rọ̀ màlúù tó máa ń bínú, wọn ò ní sọ èyí tó wà lọ́kàn wọn. Ohun tó dí Tèmi lẹ́nu kò ju ẹyọ kan lọ, bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá Adéoyè ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó fún ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ló ti kọ́ wáìnì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n jọ padà wálé jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọlọ́wáìnì sílẹ̀. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéde fún tẹrú-tọmọ pé ọkùnrin tí kò bá mọ wáìnì kò ní fẹ́ ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ Ìsmáílà, mùsùlùmí ni, kò fi ẹnu kan ẹmu rí, áńbọ̀ǹtorí wáìnì.

Ní oṣù yẹn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá lẹ́nu, ló bá gbé iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lé Tèmi lọ́wọ́. Ìmeèlì tí bàbá máa ń kọ kò ju báyìí lọ: "Ìpàdé. Sátidé. Aago mẹ́fà. Ẹ tètè dé." Ní ìpàdé tó kọjá, ẹni mẹ́rin péré ló wá.

"Kọ ọ́ kó dùn," ni Bàbá wí. "Kọ ọ́ bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́. Orúkọ wọn, ibi tí ẹnì kan ò ti ní rí àdírẹ́sì ẹnì kejì ni kó o kọ ọ́ sí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí àdírẹ́sì àwọn máa káàkiri."

Tèmi jókòó, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ohun tó jáde nìyí:

"Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ wá bá wa tọ́ wáìnì pupa mẹ́ta wò ní pálọ̀ Bàbá Adéoyè. A ó bẹ̀rẹ̀ látorí Pínò Nọ́wà tó fẹ́lẹ́, a ó bọ́ sórí Mẹ́lò tó rọ̀ lọ́nà ọ̀fun, a ó sì fi Kabanẹ́ tó le kádìí rẹ̀. Búrẹ́dì, omi àti wàrà tútù yóò wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín lọ́fínńdà wá, torí imú la fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò lè tu tirẹ̀ sínú ife tí a ó gbé kalẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Àga méjìlá péré ló wà fún àlejò, torí náà ẹ fèsì kó tó di Ọjọ́rú, kẹ́ ẹ sì sọ bí ẹ bá ń mú ẹnì kan bọ̀.

Àga yín ti wà nílẹ̀. Ọkàn mi ò ní balẹ̀ àfi tí mo bá rí yín lórí rẹ̀.

Tèmi."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ̀ẹ̀méje ló kọ ọ́. Ta ló ń rò? Kì í kúkú ṣe àwọn arúgbó ẹgbẹ́. Nígbà tó kọ àdírẹ́sì àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ọwọ́ rẹ̀ lọ kọ ti Ìsmáílà mọ́ ọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kó lè mọ aago tí wàrà gbọ́dọ̀ dé ni. Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Èsì àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ Alàgbà Jòhánù wá, opó ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún: "Tèmi ọ̀wọ́n, mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń bọ̀." Tèmi rẹ́rìn-ín, kò fura. Ìrọ̀lẹ́ ni ti Ìsmáílà wọlé: "Mo rí lẹ́tà yín. Mi ò ní mu, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀, ìn ṣáà Allah. Ẹni méjì la ó jẹ́."

Ẹni méjì? Tèmi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Ta ni ẹnì kejì? Ṣé ó ti ní àfẹ́sọ́nà ni?

Nígbà tí Sátidé pé, Tèmi ki wáìnì bọ fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ooru Òmù-Àrán kì í jẹ́ kí wáìnì pupa dùn bí a bá gbé e kalẹ̀ lásán. Ó ṣí Kabanẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú kí atẹ́gùn lè kàn án. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí àwọ̀ lè hàn. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Alàgbà Jòhánù wọ agbádá tuntun, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ìgbà náà ni Ìsmáílà dé. Ẹnì kejì rẹ̀ ni Àlájà Hàjàrá, ó ró ìró, ó gbé abọ́ obì dání pẹ̀lú ìgò oyin kan.

"Àsàláámù àlékù," ni Àlájà wí fún Bàbá Adéoyè. "Ọmọbìnrin ilé yín kọ̀wé pe ọmọ mi sílé ní ìrọ̀lẹ́. Àwa kì í jẹ́ kí ọmọkùnrin dá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹ̀lé e nìyẹn."

Ó ti yé Tèmi. Ìsmáílà ò rí orúkọ ẹlòmíì lórí lẹ́tà náà, ó rò pé òun nìkan ni wọ́n kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sí. Bí ó bá gbọ́ pé ẹni mọ́kànlá ló rí i gbà, ojú á tì í níwájú ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, kò sì ní padà wá mọ́. Bàbá Adéoyè ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ àlejò ni àlejò ń jẹ́. Ó ní kí wọ́n jókòó.

Bàbá dìde, ó kọ́ wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ da gíláàsì dẹ̀gbẹ́ lórí aṣọ funfun, wọ́n á wo àwọ̀. Wọ́n á yí i po díẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó mu díẹ̀, wọ́n á yí i ká ẹnu. Ìgò kan a máa kárí ẹni méjìlá, bíi ìka méjì nínú gíláàsì. Pínò Nọ́wà lọ wẹ́rẹ́. Màmá Janet, nọ́ọ̀sì èbúté tó ti fẹ̀yìn tì, ní ó ń ta sánsán bí èso igbó.

Ó kan Mẹ́lò, èyí tí Bàbá fúnra rẹ̀ lọ rà l'Ékòó. Tèmi bù fún gbogbo wọn. Ó bù síwájú Àlájà pẹ̀lú, kí àyè rẹ̀ má bàa ṣófo.

"Ó jinlẹ̀," ni Màmá Janet wí.

"Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀," ni Alàgbà Jòhánù wí.

"Ẹ dákun," ni Àlájà Hàjàrá wí, "kí ló ń rùn bíi páálí tí òjò pa?"

Ojú Bàbá le. "Àlájà, wáìnì yàtọ̀ sí wàrà o."

"Mo mọ̀. Tí wàrà bá bàjẹ́, ahọ́n ò ní tíì kàn án tí imú mi á ti mọ̀. Nǹkan yìí ti bàjẹ́."

Bàbá gbé gíláàsì tirẹ̀ símú. Ó gbé e pẹ́. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. "Òótọ́ ni. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò ló bà á jẹ́." Gbogbo àwọn tó ti yìn ín bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Wọ́n da ti ìgò yẹn nù, wọ́n ṣí ìgò Mẹ́lò kejì. Èyí dára.

"Ogún ọdún ni mo ti ń tọ́ wáìnì wò," ni Bàbá wí.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń gbóòórùn wàrà," ni Àlájà dá a lóhùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀.

Nǹkan ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Janet kọjú sí Alàgbà Jòhánù. "Alàgbà, ṣé wọn ò ní ká má fín lọ́fínńdà ni?"

"Ti gbogbo yín nìyẹn," ni Alàgbà wí, ó sì yọ fóònù jáde. "Lẹ́tà èmi yàtọ̀. Ẹ gbọ́ o. 'Ọkàn mi ò ní balẹ̀ àfi tí mo bá rí yín lórí rẹ̀.'"

"Ó wà nínú ti èmi náà," ni Màmá Janet wí.

"Àti ti èmi," ni ẹlòmíì wí. Fóònù mẹ́wàá jáde lápò.

Ìsmáílà rọra dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlájà, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èmi ni mo ṣì í kà." Kí Àlájà tó dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara ilẹ̀kùn.

Tèmi gbé Kabanẹ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, bàbá òun ò ní bínú. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ó tán nìyẹn.

"O ò ṣì í kà," ló wí. Ohùn rẹ̀ jáde ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí. Mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo yín, ṣùgbọ́n Ìsmáílà ni mo ń rò nígbà tí mò ń kọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ kún un, torí mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo ti ra agbádá," ni Alàgbà Jòhánù wí. Màmá Janet fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní agbádá náà yẹ ẹ́.

Bàbá Adéoyè kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Tèmi, ọmọkùnrin yìí ò mu wáìnì."

"Kò sì ní mu," ni Àlájà wí.

Ìsmáílà ti yí padà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Tèmi, èmi náà fẹ́ràn rẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ. Wáìnì ò ní wọ ilé mi. Ṣé o lè fara mọ́ ọn?"

Tèmi wo ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí aṣọ funfun. Ó wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Ìsmáílà.

"Jẹ́ kí wáìnì máa gbé ilé bàbá mi," ló wí. "Èmi ni mò ń kó kúrò ńbẹ̀."

Bàbá Adéoyè wo ọmọ rẹ̀ pẹ́, omi lé ròrò sí i lójú, ó sì ń díbọ́n pé wáìnì ni òun ń wò. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí abọ́ Àlájà, ó mú obì kan, ó là á.

"Àlájà," ló wí, "ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí yìgì àwọn ọmọ yìí bọ́ sí?"