Ibà Tí Kò Ṣe Ràhámátù

Ojú ni Ràhámátù fi gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Adéṣínà gbá sí i. Kípà ni, ọwọ́ ló sì yẹ kí kípà fi mú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin gíga tí Kóòṣì Síkírù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti máa kọ́ àwọn kípà ni ó ń wò. Kó tó lajú, ọmọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ tì í.

“Má bínú, jọ̀ọ́. Ṣé o ṣì ń ríran?”

Ràhámátù ní òun ń ríran dáadáa, ìríran náà gan-an ló kó bá òun.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí pápá kan ní Kútọ̀. Láìpẹ́, “Ọ̀wọ́n” ni Adéṣínà ń pè é, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin náà. Ní Aké, Alhaji Sàlàhúdíìnì, bàbá Ràhámátù tó ń ta aṣọ, náà mọ̀. Ọmọ olùkọ́ ni Adéṣínà, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹbí ti ń kùn. Àmọ́ Alhaji kò tíì sọ pé rárá. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìwà ọmọ náà ná.

Ìdíje kan ń bọ̀ ní Ìlọrin, Kóòṣì sì fẹ́ yan àwọn tí yóò lọ. Òfin rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: ẹni tí kò bá wá ṣe ìgbáradì tí kò sì gba àyè, ẹlòmíràn yóò gba ipò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé Ràhámátù ní Alábàtà, níbi tó ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ni púpọ̀ nínú ìdánwò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ náà sì ni ìgbáradì.

Ràhámátù ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Yóò lọ bá Kóòṣì kó tó pa ọjọ́ kankan jẹ, nítorí ẹni tó ti pa á jẹ tán kì í tọrọ àyè mọ́, àforíjì ló ń tọrọ. Yóò fi àtẹ ìdánwò hàn án, yóò sọ àwọn ọjọ́ tí kò ní lè wá, yóò sì sọ pé gbogbo Sátidé ni òun yóò wà lórí pápá. Láàárọ̀ yóò máa sáré, yóò máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri kó má baà gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Miriam tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbà láti máa sọ fún un bí wọ́n bá yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáàbò bo ojú àwọ̀n padà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè bóyá ipò òun ṣì lè wà.

Adéṣínà gbọ́, ó mi orí.

“Ọ̀wọ́n, ọmọdé kì í dá lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tó mọ ojú àgbà ló ń báni bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n lọ.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn Ràhámátù náà nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń rán. Ràhámátù gbà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé òun náà lẹ́ni tó lè gbẹnu sọ fún òun.

Inú ń bí Kóòṣì lọ́jọ́ tí Adéṣínà débẹ̀. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣèdánwò láìdágbére ni, Kóòṣì sì ń pariwo pé gbogbo wọn fẹ́ fi ìwé bojú. Ẹ̀rù ba Adéṣínà. Ó ní ibà ló dá Ràhámátù dùbúlẹ̀.

Ó jẹ́wọ́ fún Ràhámátù lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Kóòṣì ti sọ pé kó tọ́jú ara rẹ̀, ipò rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ó yẹ kí Ràhámátù pe Kóòṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń dúró dè é lọ́la, gbólóhùn pé ipò rẹ̀ kò lọ síbì kan sì dùn létí rẹ̀. Kò pè é.

Kóòṣì Síkírù ń pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ pé ara ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò yá kó jókòó sílé. Ó ra ọsàn, ó gba Aké lọ. Ìyá Ràhámátù, Àsíátù, ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kí i pé, “Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ṣé ibà náà ti ń lọ?”

Ràhámátù ní ẹ̀gbọ́n kan tẹ́lẹ̀, Haleemah. Ilé ìwé ni ibà ti mú un, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi pa mọ́ fún òbí nítorí kí wọ́n má baà já wọn láyà. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àsíátù kò béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó fò gun ọ̀kadà láìborí, ó kọjú sí Alábàtà. Bí Ràhámátù ṣe ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ló rí ìyá rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ìyá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ara rẹ̀ tutù. Nígbà náà ló jókòó sórí ilẹ̀, tó sunkún lójú gbogbo àwọn ọmọ ilé ìwé. Ràhámátù kò tíì rí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó lọ bá Kóòṣì lọ́jọ́ kejì, òun nìkan, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ pé ìdánwò ni òun ń ṣe, ibà kò ṣe òun. Kóòṣì kò pariwo, ìyẹn ló bà á lẹ́rù.

“Ìdánwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀,” ni ó wí. “Àlímátù tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù mú àtẹ tiẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, ó ń wá ní Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gba ipò rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé Adéṣínà sọ pé ara rẹ kò yá?”

Ràhámátù mọ̀ pé bí òun bá sọ pé òun kò mọ̀, Ìlọrin ṣì lè bọ́ sí i. Adéṣínà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì dá lé lórí.

“Mo mọ̀, sà.”

“Kípà ló ń sọ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ohun tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, kí ni kí n fi ọ́ ṣe níbẹ̀?” Ó ní kó lọ parí ìdánwò rẹ̀, àwọn yóò rí ara wọn ní sáà tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn ló wọ ibọ̀wọ́ lọ sí Ìlọrin.

Àwọn òbí Adéṣínà wá bẹ̀bẹ̀ ní Aké. Alhaji fún wọn lómi mu, ó bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ó sì ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn.

“Ìwà ni mo ní kí n wò. Ọmọ yín rí ìṣòro kékeré, ó fẹnu ara rẹ̀ gbé ọmọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi irú rẹ̀ pa mọ́ fún mi, mo sin ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ mọ́.”

Adéṣínà wá dúró ní òdìkejì títì lọ́jọ́ kan, Ràhámátù sì jáde lọ bá a. Ó ti rù.

“Ọ̀wọ́n, jẹ́ kí n wá ẹni tí bàbá rẹ ń gbọ́ tiẹ̀. Ìmáàmù yín lè bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Ràhámátù wò ó. Ó fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ibà bá ṣe òun lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, tí Adéṣínà bá pe ìyá òun, ìyá òun kò ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

“Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ èyí,” ni ó wí. “Èmi fúnra mi ni mo ń sọ ọ́. Má wá mọ́, Adéṣínà.”

Adéṣínà dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Nínú ilé, ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, kò béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ó kàn ti àtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ràhámátù sì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ìyá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

“Ara rẹ gbóná,” ni ó wí.

“Ẹkún ni, Màmá,” ni Ràhámátù wí. “Ẹkún lásán ni. Ẹ gbà mí gbọ́.”