Ẹni Karùn-ún Nínú Owó Ìsìnkú

Ìsìnkú ẹni mẹ́rin, ọgbọ̀n náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: àádọ́jọ náírà.

Bọ́sẹ̀dé ka ìlà yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún un kà, ẹ̀rín ò wá mọ́. Tíṣà ni, àwọn ọmọ tó ń kọ́ sì mọ̀ pé ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́fà ni. Ta ló wá kọ àádọ́jọ síbẹ̀? Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé Ìlọrin sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun gan-an ni akápò tuntun, òun ni yóò dìde dúró níwájú àgbà àti ọmọdé láti ka ètò ìṣúná ọdún 1973 sókè. Ẹ ò rí i pé ìdààmú ti dé!

Ohun tó kọ́kọ́ fura sí ni owó tuntun. Láti oṣù Jánúárì tó ń bọ̀ ni ìjọba ní kí gbogbo ayé máa ná náírà, pọ́n-ùn kan yóò sì di náírà méjì. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ṣe ètò náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà. Ó mú bírò, ó ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Owó ilé tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógún, ó ti di náírà méjìdínláàádọ́ta. Ó bá a mu. Owó ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àádọ́ta pọ́n-ùn, ọgọ́rùn-ún náírà. Ó bá a mu. Ìsìnkú ẹnì kan, pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n náírà. Òun náà bá a mu. Àròpọ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bó bá sọ ọ́ di ọgọ́fà, ìsàlẹ̀ ìwé ni yóò bàjẹ́. Owó tó ń wọlé, irinwó náírà ó lé ogún ni. Owó tó ń jáde náà, irinwó ó lé ogún, nítorí àádọ́jọ yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Yọ ọgbọ̀n náírà kúrò níbẹ̀, ọgbọ̀n náírà á wà lójú agbami láìní ìlà tó jókòó sí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò sì ní gbà á, wọ́n á ní akápò tuntun ti fẹ́ máa jẹ owó ẹgbẹ́.

Ó fi ìka lé àádọ́jọ náà, ó fẹ́ tún un rò. Òórùn kan gba imú rẹ̀: káńfọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ òkú. Kò sí káńfọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, òórùn náà lọ. Ó dá ìka padà, òórùn náà padà wá.

“Màámi,” ó pe ìyá rẹ̀ nínú yàrá, “ṣé ẹ ní káńfọ̀ lọ́wọ́ ni?”

“Káńfọ̀ kẹ̀? Ta ló kú?” Martha, ìyá rẹ̀, dáhùn láti orí ibùsùn. Àyà ti ń dùn ún díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun náà ọmọ ẹgbẹ́ ni, kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní owó oṣù kankan.

Bọ́sẹ̀dé fi gèlè wé orí, ó ká ìwé náà dání, ó sì gba ilé Alàgbà Olúwọlé lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, kò jìnnà sí wọn lẹ́yìn Garage Ọ̀fà. Bàbá náà ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́. Ó wo ibi tí ìka Bọ́sẹ̀dé wà nínú ìwé náà, ó rọra gbé abọ́ ọbẹ̀ sápá kan.

“Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa rí i,” ó ní. “Àwa yòókù fojú fò ó ni.”

“Ẹ fojú fò ó, sà? Àṣìṣe ńlá báyìí?”

“Akápò tó ṣáájú rẹ, Bàbá Láníyọnu, ló kọ ọ́ kó tó kú, orí àìsàn ló ti kọ ọ́. Ẹni márùn-ún ló kọ́kọ́ kọ. Mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sí mẹ́rin.’ Ó bínú sí mi. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó pa márùn-ún rẹ́, ó kọ mẹ́rin. Àmọ́ kò fọwọ́ kan owó. Ó ní ènìyàn lè purọ́ fún ọ̀rọ̀, kò lè purọ́ fún owó.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò fi fẹ́ márùn-ún?”

Olúwọlé wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, iye tí bàbá yẹn bá kọ síbẹ̀ la máa ń sin. Kì í lé, kì í dín. Ọdún tó kọ méjì, méjì la sin. Èyí tó kọ fún ọdún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn wọn. Mo bi í léèrè bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ó ní òórùn káńfọ̀ ló ń sọ fún òun.”

Bọ́sẹ̀dé ká ìwé náà padà. Kò sọ ohun tí imú òun ti gbọ́. Ó kí bàbá náà pé ó dàárọ̀, ó sì jáde.

Nígbà tó wọlé, àtùpà ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Martha ti jí. Kò mọ̀wé kà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan fún un. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ wá láti inú òkùnkùn yàrá, bí ẹni tó ń béèrè bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

“Bọ́sẹ̀dé, ṣé wọ́n ti bá mi fi tèmi síbẹ̀?”

“Tiyín kí ni, Màámi?”

Ìyá yíjú sí ògiri. Ó ti sùn padà.

Háà! Ẹ bá mi wo ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá kan ṣoṣo ló ní. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọkọ rẹ̀ wà ní Kàdúná, obìnrin yìí ló sì ta ẹ̀wà kó lè di tíṣà. Ó jókòó síwájú ìwé náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kó pa mẹ́rin rẹ́, kó kọ márùn-ún, gbogbo ìṣirò á sì gún. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ò ní fi ọwọ́ ara òun kọ ikú ìyá òun.

Àmọ́ òfin ẹgbẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Bí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí ètò ìṣúná, a kì í yí ìlà kankan padà títí ọdún fi máa yí. Kí ìpàdé tó fọwọ́ sí i sì rèé, akápò nìkan ò láṣẹ láti fi kún owó ìpamọ́ tàbí owó ìwé àwọn ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló láṣẹ lé lórí: ó lè gbé owó láti ìlà kan sí òmíràn lábẹ́ orí kan náà, ìyẹn àkọlé kan náà, bí àpapọ̀ orí yẹn ò bá ti yẹ̀. Lábẹ́ orí Ìrànlọ́wọ́ Ọmọ Ẹgbẹ́, ìlà méjì péré ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìsìnkú, àádọ́jọ. Èkejì ni aláìsàn tí kò lè dìde, ọgọ́ta náírà: ẹni méjì, náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lóṣooṣù, fún ọdún kan gbáko. Àpapọ̀ wọn, igba ó lé mẹ́wàá.

Ó ṣírò rẹ̀. Aláìsàn kan fún ọdún kan, ọgbọ̀n náírà géérégé. Ó sọ ìsìnkú di ọgọ́fà, ẹni mẹ́rin. Ó sọ aláìsàn di àádọ́rùn-ún, ẹni mẹ́ta. Igba ó lé mẹ́wàá ò yẹ̀, ìsàlẹ̀ ìwé sì gún régé. Ó fi ìka lé ìlà ìsìnkú, ó gbóòórùn, káńfọ̀ ò sí mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ìgbà tí ìka rẹ̀ kan ìlà aláìsàn ló gbọ́ òórùn mìíràn, òórùn oògùn ìpara àti aṣọ ibùsùn tó ti pẹ́ lábẹ́ ènìyàn. Kò kà á sí. Ṣebí aláìsàn máa ń yá?

Ìpàdé ọjọ́ kejì ò le rárá. Alága Fọláránmi béèrè ìdí tí aláìsàn fi pé mẹ́ta, Bọ́sẹ̀dé ní àròpọ̀ ìsìnkú ló ṣì, òun gbé ohun tó ṣẹ́kù sí ìlà kejì lábẹ́ orí kan náà. Wọ́n ní akápò mọṣẹ́. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n gbà á, ẹnì kan kín in lẹ́yìn, gbogbo ilé na ọwọ́ sókè. Martha náà na ọwọ́ tirẹ̀. Alàgbà Olúwọlé nìkan ni kò gbé ojú kúrò nílẹ̀.

Ọdún tuntun wọlé, Martha ò sì lè dìde lórí ibùsùn mọ́.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí àìsàn kankan tó lórúkọ. Ìrora ò jẹ́ kó sùn. Oúnjẹ ò kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Ara rẹ̀ gbẹ, awọ lẹ̀ mọ́ eegun, ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ rekete, ó ń wo àjà. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀. Kò yá, kò sì kú. Lóṣooṣù ni Bọ́sẹ̀dé ń ka náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ jáde nínú àpótí ẹgbẹ́, tí yóò gbé e wálé, tí yóò mú àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ tẹ tàdáwà, tí yóò fi tẹ ìwé. Ẹgbẹ́ sin ẹni mẹ́rin lọ́dún náà. Ọ̀kan nínú wọn kéré sí Martha, ó lágbára jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n ń sin ẹni kẹrin, Martha ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí òun lè gbọ́ orin wọn. Ó ń sunkún. Bọ́sẹ̀dé rò pé ẹni tó kú ló ń sunkún fún.

Oṣù Disẹ́ńbà dé. Bọ́sẹ̀dé tún jókòó ti ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ló sì ti ń kọ ọ́ nítorí kò lè fi í sílẹ̀. Ó dé orí Ìrànlọ́wọ́ Ọmọ Ẹgbẹ́. Bírò dúró.

“Bọ́sẹ̀dé,” Martha ní. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. “Gbé owó mi padà síbi tí o ti mú un.”

“Màámi, ẹ dákun!”

“Mo ti ń gba owó ẹgbẹ́ láti ìgbà tí ọdún yìí ti wọlé, mi ò rí oorun rà níbẹ̀. O fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó, ọmọ mi.”

Bọ́sẹ̀dé sunkún títí ìwé fi tutù. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. Ó dá aláìsàn padà sí ẹni méjì, ọgọ́ta náírà. Ó kọ ìsìnkú ẹni márùn-ún, àádọ́jọ: mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ṣe ìkarùn-ún. Òórùn káńfọ̀ kún yàrá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò le, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àpótí aṣọ ọdún.

Martha mí kanlẹ̀. Ìrora kúrò lójú rẹ̀.

“O ṣeun, Akápò,” ó sọ fún ọmọ tó bí. Ó wá yí orí sí i díẹ̀. “Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́? Ṣé o mọ orúkọ wọn?”